Ìrù, ẹsẹ̀ àti eegun mùdùnmúdùn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí omi ẹran tó ń lẹ̀ mọ́ ètè

Oúnjẹ ni mò ń tà l'Ájàṣẹ́, ìkòkò ẹsẹ̀ màlúù ló sì sọ mí di ẹni táwọn oníbàárà mọ̀. Àwọn ìbéèrè tí mo ti dáhùn títí tó fi sú mi ni mo kó jọ síbí, ti àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tó máa ń pè mí náà wà níbẹ̀.

Kí ni jẹ́látíìnì gan-an?

Nínú awọ ẹran, nínú iṣan tó so ẹran mọ́ eegun, nínú eegun rírọ̀ tó wà ní oríkèé àti nínú eegun fúnra rẹ̀, ohun líle kan wà tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìnì. Ẹ fojú inú wo ìjàrá tí wọ́n fi okùn mẹ́ta lọ́ mọ́ra. Bí kọ́lájìnì ṣe rí nìyẹn, òun ló sì ń jẹ́ kí awọ màlúù ṣòroó ya.

Bí omi gbígbóná bá pẹ́ lára rẹ̀, okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á tú kúrò lára ara wọn, wọ́n á sì yọ́ sínú omi. Okùn tó tú yẹn ni jẹ́látíìnì. Bí omi náà bá wá tutù, àwọn okùn á tún máa wá ara wọn, wọ́n á lọ́ mọ́ra níhìn-ín lọ́hùn-ún, wọ́n á sì há omi mọ́ àárín. Ìdí nìyẹn tí omi ẹran fi ń dì. Ẹ ṣàkíyèsí o: jẹ́látíìnì kò sí lára ẹran tútù. Inú ìkòkò ni wọ́n ti ń bí i.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìrù àti ẹsẹ̀, tí kì í ṣe itan?

Torí pé ẹran lásán ló pọ̀ lára itan. Ẹsẹ̀ láti orúnkún wálẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ẹran kankan: awọ ni, iṣan ni, oríkèé ni, eegun ni. Alápatà tó bá sọ pé ẹ̀yin ń ra eegun kò purọ́. Ìrù ní tirẹ̀ kó eegun kéékèèké jọ lẹ́sẹẹsẹ, oríkèé wà láàárín gbogbo wọn, iṣan sì yí wọn ká, nítorí pé tọ̀sán-tòru ni màlúù fi ń lé eṣinṣin.

Ìdí ìrù ní ẹran àti ọ̀rá jù, ṣóńṣó rẹ̀ ló ní ohun tó ń lẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń bẹ alápatà pé kó bá wọn yọ ṣóńṣó kúrò. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó kó o fún mi.

(Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé láì fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́: ìrù màlúù ni mò ń wí, kì í ṣe irú tí a fi ń se ọbẹ̀. Ẹnì kan ti fi irú kún ìkòkò fún wákàtí mẹ́ta nítorí mi rí.)

Mùdùnmúdùn ńkọ́? Ṣé òun ló ń mú omi ẹran dì?

Rárá. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń bá mi jiyàn lé lórí jù nìyí. Mùdùnmúdùn tó wà láàárín eegun gígùn màlúù tó ti dàgbà, ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ jáde tí ẹ sè é lọ́tọ̀, yóò yọ́ bí bọ́tà, omi rẹ̀ kò sì ní dì. Ohun funfun tó máa ń le lórí ìkòkò tútù, ọ̀rá nìyẹn. Ohun tó ń gbọ̀n jìgìjìgì lábẹ́ rẹ̀ ni jẹ́látíìnì.

Àṣìṣe yẹn ní ìdí. Eegun tí mùdùnmúdùn wà nínú rẹ̀ ní kọ́lájìnì dáadáa, pàápàá orí rẹ̀ tó wú, níbi tí oríkèé wà. Àwọn èèyàn a fá mùdùnmúdùn jẹ, wọ́n a rí i pé omi dì, wọ́n a sì fi ògo eegun fún mùdùnmúdùn. Omi ni ẹ bá ń wá? Ẹ ra orí eegun. Adùn mùdùnmúdùn ni ẹ bá ń wá? Ẹ ra àárín rẹ̀.

Ẹ má sì se méjèèjì fún wákàtí kan náà. Orí eegun lè wà lórí iná láti àárọ̀ di ọ̀sán. Eegun alámùdùnmúdùn, bí ẹ bá ti gé e kúkúrú, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ nínú omi tó ń hó díẹ̀díẹ̀. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mùdùnmúdùn á ṣàn jáde, ihò òfìfo lẹ máa bá nínú eegun. Èmi máa ń jù ú sínú ìkòkò nígbà tó bá kù díẹ̀ kí n sọ̀ ọ́, màá yọ ọ́ jáde, màá fi iyọ̀ àti ata gígún sí i, màá fi pa búrẹ́dì gbígbóná.

Báwo ni kí n ṣe tọ́jú ẹsẹ̀ màlúù kí n tó gbé e kaná?

Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi sun irun rẹ̀. Bó bá jẹ́ táyà ni, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Èéfín táyà ní májèlé tó ń mọ́ awọ lára, awọ yìí gan-an sì ni ẹ fẹ́ jẹ, kò sí fífọ̀ tó lè mú un kúrò tán. Igi tàbí gáàsì dára. Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni kí n tẹ ẹsẹ̀ náà bọ omi gbígbóná, kí n sì fi ọ̀bẹ fá irun rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí alápatà gbá pátákò dànù. Irú nǹkan tí èékánná àti irun jẹ́ ni pátákò jẹ́, kò ní kọ́lájìnì, ẹ lè sè é títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní di jẹ́látíìnì. Kí ó gé ẹsẹ̀ náà sí nǹkan bí ọ̀nà mẹ́fà, kí ó sì la oríkèé, kí omi lè rí ọ̀nà wọlé.

Omi mélòó, iná wo, wákàtí mélòó?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe ti ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Ẹsẹ̀ màlúù kan tó tó kílò 2 lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́ tán, àti ìrù kílò 1, láti ọjà Wàǹdó. Mo kó méjèèjì sínú omi tútù, mo jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 10, mo sì da omi àkọ́kọ́ yẹn nù pẹ̀lú gbogbo ìfófòó àti ẹ̀jẹ̀ tó dì. Àwọn kan ń pariwo pé mo ń da adùn nù. Ìṣẹ́jú 10 kéré jù láti tú kọ́lájìnì, nítorí náà jẹ́látíìnì tó bá omi yẹn lọ kò tó nǹkan.

Mo fọ ìkòkò, mo dá ẹran padà, mo bu omi tútù lítà 4 sí i, ó sì bo ẹran ní nǹkan bí ìka méjì. Alùbọ́sà méjì, atalẹ̀ díẹ̀, kò sí iyọ̀. Bó ti hó, mo fa èédú kúrò lábẹ́ rẹ̀ títí ó fi ń tú bọ́nbọ́n níbi kan ṣoṣo létí ìkòkò. Kọ́lájìnì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú láti nǹkan bí 70°C, àmọ́ níbẹ̀ ó lọ́ra gan-an. Omi tó gbóná tó 90°C tí kò sì jà ló dára jù fún mi.

Lẹ́yìn wákàtí kan, awọ ti súnkì, ó tún le ju ti àárọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rò pé màlúù arúgbó ni wọ́n tà fún àwọn, tí wọ́n sì ń kó igi kún iná. Ẹ ní sùúrù. Gbogbo kọ́lájìnì ló máa ń kọ́kọ́ súnkì kí ó tó tú. Ní wákàtí kẹta, ẹran ìrù ti ń fẹ́ kúrò lára eegun, mo kó ìrù jáde kí ó má di wúruwùru. Ẹsẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí di wákàtí mẹ́rin àbọ̀, nígbà tí èékánná mi wọ awọ rẹ̀ láìjanpata, tí eegun rẹ̀ sì ń bọ́ fúnra rẹ̀.

Mo sẹ́ omi náà, ó ku lítà méjì àbọ̀. Mo ti omi díẹ̀ bọ àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, mo kà dé 20, mo ya wọ́n: wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí ẹni fi oyin pa wọ́n. Ìgbà yẹn ni mo tó fi iyọ̀ sí i. Bí mo bá ti fi í sí lítà 4 láti ìbẹ̀rẹ̀, iyọ̀ kan náà ni lítà 2.5 ì bá gbé.

Omi ẹran mi kò dì lórí tábìlì. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Bóyá ojú ọjọ́ Àjàṣẹ́ ló rẹ́ yín jẹ. Jẹ́látíìnì máa ń yọ́ ní nǹkan bí 30°C sí 35°C, ìyẹn ni kò fi pẹ́ rárá kí ó tó yọ́ lórí ahọ́n. Kí ó tó dì, ó ní láti tutù jìnnà sí i, ní nǹkan bí 15°C tàbí kí ó sún mọ́ ọn. Ilé ìdáná tó wà ní 29°C lọ́sàn-án kò lè mú un dì láé, bó ti wù kí ó nípọn tó. Ẹni tó bá ń ka ìwé ìdáná àwọn ará Faransé ló ń retí kó dì lórí tábìlì, torí pé ilé tiwọn tutù.

Ẹ bu ṣíbí kan sórí àwo pẹlẹbẹ tó ti tutù, ẹ gbé e sínú firígò fún ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ bá fi ìka tì í tí ojú rẹ̀ hunjọ, jẹ́látíìnì ti wà níbẹ̀.

Mo gbé e sínú firígò mọ́jú, omi lásán ni mo tún bá. Kí ló fà á?

Mẹ́sàn-án nínú ìgbà mẹ́wàá, omi ló pọ̀ jù. Lítà kan nílò jẹ́látíìnì tó tó nǹkan bí gíráàmù 10 kí ó tó fẹ́ dì rárá, ó sì nílò 20 kí ó tó dúró ṣinṣin. Bí ẹ bá bu lítà 8 lé ẹsẹ̀ kan, kò lè kárí. Ẹ ṣí ọmọrí, ẹ jẹ́ kí omi fà, kí ẹ tún fi ṣíbí dán an wò.

Bí omi bá kéré tí kò sì dì, ó lè jẹ́ pé kò pẹ́ tó lórí iná. Ẹ wo awọ: bó bá ṣì ń ta ìka padà, kọ́lájìnì ṣì wà nínú rẹ̀, kò tíì bọ́ sínú omi. Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ẹni tó bá fi iná ńlá hó o láti àárọ̀ títí di alẹ́, tàbí tó da ọ̀pọ̀ tòmátì kíkan tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, okùn jẹ́látíìnì rẹ̀ á já sí wẹ́wẹ́. Okùn tó ti já kúrú kò lè lọ́ mọ́ ara wọn mọ́. Omi náà á dùn, kò ní dì. Ìyẹn kò ní àtúnṣe, ẹ fi se ọbẹ̀.

Kí ló dé tí tèmi fi funfun bí wàrà, tí tiyín sì mọ́ kedere?

Iná ni. Omi tó ń hó kùtùkùtù máa ń fọ́ ọ̀rá sí wẹ́wẹ́, jẹ́látíìnì á sì dì wọ́n mú kí wọ́n má lè léfòó. Kò burú, àwọn ibì kan wà láyé tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń wá a bẹ́ẹ̀. Èmi ń fẹ́ kí ọ̀rá léfòó kí n lè ṣí i kúrò.

Ṣé mo lè lo kokọ́ọ̀tì, ìkòkò alátẹ́gùn?

Ẹ lè lò ó. Ooru inú rẹ̀ ga ju ti omi tó ń hó lásán lọ, ó lè tó 120°C, nítorí náà ohun tó gba wákàtí mẹ́rin lè parí ní nǹkan bí wákàtí kan. Ẹ má kún un ju ìdá méjì nínú mẹ́ta, torí omi awọ máa ń fófòó, ó sì lè dí ihò atẹ́gùn. Ẹ jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀ kí ẹ tó ṣí i.

Ẹsẹ̀ màlúù ti bá ìkòkò yìí tan tipẹ́. Dẹnì Pápẹ́ẹ̀nì, ará Faransé, ló ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní 1679, iṣẹ́ tó sì fi í jẹ́ ni pé kó rọ eegun, kó sì fa jẹ́látíìnì inú rẹ̀ jáde. Ẹ̀rù ń bà á pé ìkòkò lè bú gbàmù, ó sì fi ọmọrí kékeré kan sí i tí atẹ́gùn lè ṣí fúnra rẹ̀.

Ìyá mi ń fi ewé ìbẹ́pẹ sí ẹran líle. Ṣé ó dára fún èyí?

Fún ẹran sísun, bẹ́ẹ̀ ni. Ìbẹ́pẹ dúdú àti ewé rẹ̀ ní nǹkan tó ń gé okùn ẹran, ọ̀pẹ òyìnbó tútù náà ní tirẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró: bó ṣe ń gé okùn ẹran ló ṣe ń gé ti jẹ́látíìnì. Ooru líle ló ń pa á. Ẹni tó bá da ọ̀pẹ òyìnbó tútù sínú omi ẹran tó ti tutù á rí i pé kò ní dì mọ́. Bó bá kọ́kọ́ se ọ̀pẹ òyìnbó náà, kò séwu.

Kí ni mo lè fi omi yìí sè?

Àmíwò ni mo fi ń ná an jù. Mo ń fi omi ẹsẹ̀ màlúù rọ́pò omi lásán láti fi ro ìyẹ̀fun àgbàdo pẹ̀lú tòmátì díndín. Ó máa ń dán, ó máa ń dúró lórí àwo, n kò sì nílò kúbù. Bí omi yín bá dì gan-an, ẹ fi omi lásán là á ní ìlàjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àmíwò á máa lẹ̀ mọ́ eyín.

Fún ẹ̀wà, ẹsẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ sè rọ̀ kí ẹ tó da ẹ̀wà sí i. Ẹ̀wà kò lè dúró de ẹsẹ̀. Ní ilé àwọn Àgùdà níbí, tó ń se fẹ́ṣùádà tí àwọn baba wọn gbé bọ̀ láti Bràsíì, ẹran elẹ́sẹ̀ àti eléegun ló ń mú omi ẹ̀wà náà ki.

Fún ọbẹ̀ ilá, ẹ ṣọ́ra. Ilá ń yọ̀, jẹ́látíìnì ń lẹ̀, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ilá á máa fà bó ti wù kí ó gbóná tó, jẹ́látíìnì kì í fà rárá. Bí méjèèjì bá pọ̀ nínú ìkòkò kan, ọbẹ̀ á wúwo lọ́fun. Ìkòkò omi lásán kan sí ìkòkò omi ẹsẹ̀ kan tó fún mi.

Ṣé mo lè fi ìkòkò náà sílẹ̀ mọ́jú lórí àdògán tó ti kú?

Ẹ má ṣe é. Kòkòrò àìsàn fẹ́ràn omi ẹran bí ọmọ ṣe fẹ́ràn àkàrà. Ìkòkò ńlá tó bò máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, oríṣi kan sì wà lára kòkòrò wọ̀nyẹn tí èso rẹ̀ kì í kú nínú omi tó ń hó. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, èso yẹn á hù. Ẹ pín omi náà sínú abọ́ kéékèèké, ẹ gbé wọn sínú agbada omi tútù, ẹ sì gbé e wọ firígò láàárín wákàtí méjì. Lọ́jọ́ kejì, kó hó dáadáa kí ẹ tó jẹ ẹ́.

Má jẹ́ kí dídì tàn ọ́, ni mo máa ń wí fún ọmọ tó ń ràn mí lọ́wọ́. Omi tó dì lè ti bàjẹ́. Àmọ́ bí èyí tó dì lánàá bá ti di omi ṣàràṣàrà nínú firígò tó ṣì tutù, ẹ dà á nù láìtọ́ ọ wò: kòkòrò ti ń jẹ okùn rẹ̀.

Wọ́n ní ó ń wo orúnkún. Òótọ́ ni?

Inú yín ni yóò ti dà á, kò sí ọ̀nà tí jẹ́látíìnì fi ń kúrò nínú àwo lọ tààrà sí orúnkún. Amúaradàgbà ni lóòótọ́, àmọ́ kò pé: ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀, tríptófáànì, kò sí nínú rẹ̀. Ní Parí, wọ́n ti gbìyànjú láti fi omi eegun bọ́ àwọn aláìní nílé ìwòsàn. Ní 1841, ìgbìmọ̀ kan tí oníṣègùn Màjáńdì jẹ́ agbẹnusọ rẹ̀ ròyìn pé ajá tí wọ́n fún ní jẹ́látíìnì nìkan kò lè yè. Ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja, ẹ sì gbé orúnkún lọ bá dókítà.

Mùsùlùmí ni mí. Jẹ́látíìnì alẹ́búlẹ́bú inú páálí ńkọ́?

Awọ ẹlẹ́dẹ̀, awọ màlúù àti eegun ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lọ́jà. Bí páálí kò bá sọ ẹran tó ti wá, ẹ má fọkàn sí i pé màlúù ni. Èyí kan súìtì tó ń rọ̀ lẹ́nu àti oríṣi yọ́gọ́ọ̀tì kan pẹ̀lú. Omi ẹsẹ̀ màlúù tí ẹ sè fúnra yín lè ṣe iṣẹ́ kan náà nínú oúnjẹ oníyọ̀. Nínú oúnjẹ aládùn, yóò máa rùn ẹran.

Màlúù àgbà àti ọmọ màlúù, èwo ni kí n rà?

Bí ẹran ṣe ń dàgbà ni àwọn okùn kọ́lájìnì rẹ̀ ń di ara wọn mú sí i. Ti ọmọ màlúù ń tètè tú, ó lè tó wákàtí méjì àbọ̀. Ti màlúù tó ti rìn láti àríwá wá kí wọ́n tó pa á lè kọjá márùn-ún. Oníbàárà mi kan ní Ṣábẹ̀ẹ́, tó ń rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, bínú pé wákàtí tí mo sọ kò tó. Òótọ́ rẹ̀ ni. Agogo mi, ẹsẹ̀ tí mò ń rà ló bá mu. Ẹ fi èékánná dán awọ wò, kí ẹ fi aago sílẹ̀.

Bí ẹ bá rí méjèèjì lórí tábìlì alápatà, ẹ wo ojú ibi tó gé lára eegun. Ti ọmọ pupa díẹ̀, oríkèé rẹ̀ sì funfun, ó nípọn. Ti àgbà funfun ràn-ìn, oríkèé rẹ̀ sì ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ sínú ìkòkò kan, àyàfi bí ẹ bá ṣe tán láti kó ti ọmọ jáde ní wákàtí méjì ṣáájú.